Ìwé ìbí fún àgbàlagbà tí wọ́n bí sílé: ọjọ́ wo ni ìyá yín máa búra sí?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé ni ìyá mi bí mi sí ní Òdógbólú, kò sí káàdì ilé ìwòsàn kankan. Bùkọ́lá ọmọ mi tó wà ní Kánádà fẹ́ kí n wá bá òun wẹ ọmọ, wọ́n sì ní mo gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kí n tó lè gba páàsìpọ́ọ̀tù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ló wà nínú NIN mi, àmọ́ ìyá mi ní ìgbà Agẹmọ lòun bí mi, àti pé mo ti ń rá kòrò nígbà tí ọkọ̀ yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá mi ti kú, ìyá mi kò mọ̀wé. Ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ní òun á bá mi ṣe é láàárín wákàtí kan, kò sí ìdí tí ìyá mi fi máa wá. Ṣé kí n fún un lówó? Ìyá Bùkọ́lá, Òdógbólú.”

Ìdáhùn: Ẹ má fún un lówó, Ìyá Bùkọ́lá. Ohun tí ó fẹ́ ṣe ni pé kí ẹlòmíràn fi orúkọ ìyá yín búra, tàbí kí ó fi àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ yín rí ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá yín lórí ìwé. Mo pẹ́ nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ìbúra ní kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa: òǹtẹ̀ rẹ̀ máa ń hàn kedere, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹni tó búra léèrè ibi tí ó wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìbúra èké lórí ìwé kóòtù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ń fìyà jẹ, ẹ̀yin tí ẹ sì lo ìwé náà kò ní bọ́ nínú rẹ̀. Àánú tó tún ń ṣe mí nípa ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ̀rí òtítọ́ wà lọ́wọ́ yín tí ó dára ju ohun tí ọkùnrin yẹn lè tà fún yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun kan palẹ̀, nítorí ìwé mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń pè ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan lábẹ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn jáde ní ìparí ọdún 1992, ó sì fún àwọn òbí ní ọgọ́ta ọjọ́ láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ ni ìwé ẹ̀rí ìbí gan-an. Ẹ̀yin ti dàgbà kí òfin yẹn tó dé, nítorí náà irú ìwé ọmọ ọwọ́ yẹn kò sí fún yín. Ìwé kìíní tó kàn yín ni èyí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn máa ń fún àgbàlagbà tí ó wà ní ipò yín, ìyẹn ìwé ìjẹ́rìí ìbí, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àtẹsitéṣọ̀n. Àjọ náà ń fi í sọ pé àwọn ti rí ẹ̀rí tí ẹ mú wá, àwọn sì gbà pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n bí yín níbi báyìí. Ìwé kejì ni ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí kóòtù ń fi òǹtẹ̀ lù, tí ìyá yín tàbí àgbà mọ̀lẹ́bí máa fọwọ́ sí. Ìbúra yìí ni ẹ máa gbé lọ bá àjọ náà, òun ni ìpìlẹ̀, kì í ṣe òun ni òpin. Ìwé kẹta ni èyí tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń fún ènìyàn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí dárúkọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì tún fi sábẹ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń bá ara wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan páàsìpọ́ọ̀tù, àtúnṣe NIN tàbí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn, ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni wọ́n ń béèrè. Bí ẹnikẹ́ni ní sẹkitéríàtì bá ní kí ẹ wá gba tiwọn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì kọjá lọ.

Ọjọ́ ìbí gan-an ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ sí kóòtù kí wọ́n tó jókòó ro ọjọ́ tí wọ́n máa kọ, akọ̀wé á wá bi wọ́n ní ọjọ́ wo, wọ́n á sì sọ èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ṣe ń wọ NIN. Ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ kò mọ ju ọdún lọ, tàbí ó kàn fojú bù ú, ẹ̀rọ sì ń béèrè ọjọ́ àti oṣù, ni wọ́n bá tẹ èyí tó rọrùn jù lọ. Àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ wa ni wọ́n jọ ń ṣe ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ ọdún tuntun lórí ìwé.

Ẹ wá wo ohun tí ìyá yín sọ. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí àríyànjiyàn lórí ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ àgbà ni ó sì rántí rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ọkọ̀ tí ó bá wọn nígbà náà. Ọmọ tó ń rá kòrò sábà máa ń wà láàárín oṣù méje sí mẹ́wàá. Bí a bá ka oṣù méje sí mẹ́wàá padà sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 1972, a máa bọ́ sí àárín oṣù Kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971. Agẹmọ ní Ìjẹ̀bú sì sábà máa ń bọ́ sí àyíká oṣù Keje. Bó bá jẹ́ Agẹmọ ọdún 1970 ni wọ́n bí yín, ẹ kò ní máa rá kòrò mọ́ nígbà tí ọkọ̀ yí, ẹ ti ń sáré káàkiri ilé. Bó bá sì jẹ́ Agẹmọ ọdún 1972, a kò tíì bí yín nígbà yẹn. Agẹmọ ọdún 1971 nìkan ló bá ọ̀rọ̀ méjèèjì mu. Ìyá tí kò mọ̀wé ti fún wa ní ọdún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wa ní oṣù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì fi hàn pé oṣù Kìíní ọdún 1973 tó wà nínú NIN yín kò lè jẹ́ òótọ́ rárá.

Kí ẹ tó gba ìyẹn gbọ́ pátápátá, ẹ tún bi ìyá yín léèrè lọ́tọ̀, láìdárúkọ ọdún kankan fún un. Ẹ má sọ pé “Ṣé 1971 ni?” nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa dáhùn láti tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló gbẹ̀bí, ọmọ ta ni wọ́n bí ṣáájú yín tàbí lẹ́yìn yín nínú agbolé, báwo ni wọ́n ṣe rí agbẹ̀bí pè nígbà tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde nítorí Agẹmọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á sọ ohun tí ẹ kò tilẹ̀ béèrè. Bí ọmọ kan bá wà ní agbolé tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí òun sì ní káàdì ilé ìwòsàn, ẹ ti rí ẹlẹ́rìí mìíràn nìyẹn.

Ìtàn lẹ́nu dára, ṣùgbọ́n ìwé tó ti pẹ́ ló ń lágbára jù, ìwé tí wọ́n sì kọ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ máa nílò páàsìpọ́ọ̀tù ló ṣeé gbára lé ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí àwọn òbí yín bá jẹ́ Kírísítẹ́nì, ẹ lọ bá alùfáà ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí ìwé ìrìbọmi láti oṣù Keje ọdún 1971 títí dé ìparí ọdún 1972. Àwọn ìjọ Áńgílíkà àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń ní irú ìwé yìí, ó tóbi, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, iṣẹ́ bàbá àti àwọn òbí ìrìbọmi, nígbà míràn ọjọ́ ìbí pẹ̀lú. Kódà bí wọn kò bá kọ ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìrìbọmi fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ẹni tí wọ́n rì bọmi ní oṣù Kẹwàá ọdún 1971 kò lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1973. Ẹ gba ẹ̀dà tí alùfáà fọwọ́ sí, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ìjọ, kì í ṣe fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà lásán. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ wò bóyá bàbá yín kọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sí ẹ̀yìn Kùránì tàbí ìwé kékeré kan, púpọ̀ nínú àwọn bàbá ìgbà yẹn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi kejì ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà lè má gbé ọjọ́ ìbí, ṣùgbọ́n rẹ́jísítà tí wọ́n fi gba ọmọ wọlé ní àyè fún un, nọ́ńbà ìwọlé yín náà á sì wà níbẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí i pé ọjọ́ tí tíṣà kọ sínú rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n fojú bù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n gbà nígbà náà nítorí pé ọwọ́ wọn kọjá orí kan etí, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976. Nítorí náà, bí rẹ́jísítà bá ní 1972 tí ìwé ìrìbọmi sì ní 1971, ìwé ìrìbọmi ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ẹ kò bá rí ìwé kankan tó dárúkọ ọjọ́ gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan ọjọ́ aláwọ̀ mèremère fún yín. Kí ìbúra náà sọ bí wọ́n ṣe mọ oṣù àti ọdún, kí ìyá yín sì sọ ọjọ́ tí ó dá wọn lójú jù lọ pé ó súnmọ́ òótọ́ nínú oṣù yẹn.

Nígbà tí ẹ bá ti ní èyí lọ́wọ́, ẹ lè lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ìyá yín. Ìyá yín ni yóò búra, kì í ṣe ẹ̀yin, nítorí kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí sí ìbí ara rẹ̀. Ìwé ìbúra gbọ́dọ̀ gbé orúkọ wọn ní kíkún, iṣẹ́ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé àti orílẹ̀-èdè wọn, kí ó sì wà ní ohùn ẹni tó ń búra: èmi ni ìyá rẹ̀, èmi ni mo bí i, ilé báyìí ní Òdógbólú ni mo bí i sí, ní ọjọ́ báyìí, a kò forúkọ ìbí náà sílẹ̀ nígbà náà. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé kí ẹni tó ń búra sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, tàbí ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un tí òun sì gbà gbọ́, kí ó dárúkọ ẹni náà. Ẹ má gbà kí akọ̀wé da gbólóhùn kan náà tí ó ń kọ fún gbogbo ayé lé yín lórí. Gbólóhùn kan tó sọ nípa Agẹmọ àti ìyípadà ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju ìdajì ojú ewé ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun ló sì máa ń ba ìwé àwọn tí kò mọ̀wé jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ìyá yín kò mọ̀wé, ó gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà pé wọ́n kà á sí wọn létí, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá níwájú òṣìṣẹ́ tó gba ìbúra, ó sì hàn pé ó yé wọn kí wọ́n tó tẹ ìka. Kí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti rí ìwé tí ìka wà lórí rẹ̀ dáadáa tí gbólóhùn yìí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà. Ẹ ka ìsàlẹ̀ ojú ewé náà kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì.

Kí ẹ tó gbé ìyá yín jáde nílé rárá, ẹ wo káàdì wọn. Ọkùnrin kan láti Rẹ́mọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá búra fún òun nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n náà sọ ọ̀rọ̀ tó já geere nípa ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò rẹ̀, bí wọ́n ṣe rán an lọ pọn omi àti bí ó ṣe bá ọmọ nílẹ̀ nígbà tó dé. Ìgbà tí mo gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ọjọ́ orí tó wà lára rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta kéré sí ti àbúrò. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè lò ó. Bí NIN ìyá yín bá sọ pé wọ́n bí wọn ní ọdún 1963, kò sí ẹni tó máa gbà pé wọ́n bímọ ní 1971. Tiwọn lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe nígbà náà, tàbí kí ẹ wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Ẹlẹ́rìí mìíràn yẹn lè jẹ́ àbúrò bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti tó ẹni tó ń mọ nǹkan nígbà náà, tí káàdì rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Alágbàtà ẹnu ọ̀nà kóòtù kò sí lára wọn.

Pẹ̀lú ìwé ìbúra yìí ni ẹ máa lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdógbólú. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni ìwé ìbúra, NIN yín, káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò páàsìpọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, àti ìwé ìrìbọmi tàbí ìwé mìíràn tó ti pẹ́. Wọ́n lè ní kí ẹ mú lẹ́tà ìlú abínibí wá láti ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ti wúlò. Ẹ gbé ojúlówó àti ẹ̀dà lọ. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀, kí ẹ tó san owó kankan, pé ọjọ́ inú NIN yàtọ̀ sí ti ìbúra, pé ẹ fẹ́ lo àtẹsitéṣọ̀n náà láti tún NIN ṣe. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè kàn gbé ọjọ́ inú NIN sínú ìwé tuntun, ẹ ó sì tún padà síbi tí ẹ wà. Ẹ tún wo orúkọ. Orúkọ bàbá yín ni wọ́n bí yín sí, ó sì ṣeé ṣe kí ti ọkọ yín ló wà nínú NIN. Ìwé ìgbéyàwó ló ń so méjèèjì pọ̀, bí kò bá sí, ẹ ó nílò ìbúra lọ́tọ̀ lórí orúkọ.

Ìpinnu tó wà níwájú yín ni bóyá kí ẹ tún NIN ṣe tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdí tí àwọn kan fi ń fi í sílẹ̀. Àjọ NIMC ń gba owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí tó pọ̀ ju ti àwọn àtúnṣe yòókù lọ, ní ọdún 2025 wọ́n gbé e dé ₦28,574, báńkì náà á sì fẹ́ kí ẹ tún tiwọn ṣe lẹ́yìn náà. Páàsìpọ́ọ̀tù ń tẹ̀ lé ohun tó wà nínú NIN, nítorí náà ẹni tó bá kàn fẹ́ kí ó yára á ní kí a kọ 1973 sí ibi gbogbo. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìyá yín ni wọ́n máa ní kí ó búra sí 1973 yẹn, ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, nígbà tí ìwé ìrìbọmi lè wà ní ìjọ tó ń ta ko wọ́n. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ìyá rẹ̀ sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Ó sì tún rọ̀ yín lọ́rùn pé àtúnṣe tiyín ń fi kún ọjọ́ orí ni. Ẹni tó ń dín ọjọ́ orí kù ni wọ́n máa ń fura sí, kò sí ohun tí ẹni bíi tiyín máa rí jẹ nínú pé òun dàgbà sí i ní ọdún kan ààbọ̀. Kí ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀: ìbúra, àtẹsitéṣọ̀n, àtúnṣe NIN, lẹ́yìn náà páàsìpọ́ọ̀tù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gba páàsìpọ́ọ̀tù pẹ̀lú 1973, wàhálà àtúnṣe á pọ̀ sí i.

Àtẹsitéṣọ̀n kò sọ pé kò sẹ́ni tó lè bi yín léèrè mọ́. Ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè lè rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí wọ́n sì béèrè ohun tí ẹ fi gbà á, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi, rẹ́jísítà àti ìbúra pọ̀ sínú fáìlì kan. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí gbogbo èyí, ẹ pe Bùkọ́lá lálẹ́ òní. Fọ́ọ̀mù ìdílé tí Kánádà ń ní kí àwọn tó ń wá síbẹ̀ kún máa ń béèrè ọjọ́ ìbí bàbá àti ìyá. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín nígbà tó ń lọ. Bó bá jẹ́ 1973 ló kọ, kí ó ti mọ̀ pé ó máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà nínú lẹ́tà tó máa kọ láti fi pè yín, kí ó sì fi ìwé ìrìbọmi àti àtẹsitéṣọ̀n náà mọ́ ọn.